Irin Gbọọrọ Tí Ẹlòmíràn Ti Lò

Nínú jíìmù, irin gbọọrọ tí wọ́n máa ń fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí bẹ́ńṣì gbé ni ọ̀pọ̀ ẹni tuntun kọ́kọ́ máa ń lọ bá. Irin náà nìkan sábà máa ń wọn kílò 20. Àwo irin róbótó tí wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ létí méjèèjì ló ń fi kún ìwúwo rẹ̀.

Ẹni tuntun máa ń ṣọ́ra nígbà tó bá ń gbé e, àmọ́ kì í fọkàn sí i pé ewu wà nínú yíyọ àwo. Ká ní ẹnì kan ti fi àwo kílò 20 mẹ́ta sí apá kọ̀ọ̀kan, tó gbé e tán, tó sì bá tirẹ̀ lọ láìtú u. Kílò 140 ló fi sílẹ̀ yẹn. Ẹni tuntun dé, kílò 40 péré lagbára rẹ̀ ká. Ó dúró sí apá ọ̀tún, ó yọ àwo kan, ó yọ èkejì, ó fa ẹ̀kẹta yọ. Kílò 60 ṣì rọ̀ sápá òsì, lẹ́yìn òpó tó gbé irin náà dúró, kò sì sí ohun tó ń fà á padà mọ́. Apá òsì á já wálẹ̀, etí ọ̀tún á ta sókè, ojú ẹni tó wà nítòsí ló sì lè bá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yọ ọ́ ní àyípo: ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, títí yóò fi tán.

Nítorí náà, kí ẹni tó lò ó tú u kó sì dá àwo padà sáyè wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwà ọmọlúàbí nìkan. Àwo tó wúwo jù ni kó wà nísàlẹ̀, kí ẹni tó kéré lágbára má baà máa nà gàgà gbé e.

Irin lásán ni kéèyàn fi bẹ̀rẹ̀, ní bí ìgbà mẹ́wàá, kó tó máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Kó fi àtàńpàkò yí irin náà ká, kó sì fi kílíìpù dí àwo mọ́lẹ̀. Bí irin bá ń falẹ̀ lójijì, tàbí tí ọwọ́ kan ń ṣíwájú èkejì, agbára ti ń tán nìyẹn. Kó dá a padà sórí òpó. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ohun tí kò gbé rí gbọ́dọ̀ ní ẹnì kan tó dúró síbi orí rẹ̀. Ẹni tó dá wà, kó kúkú lo wéètì kékeré ọlọ́wọ́ kan-kan, tó ṣeé sọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹni tó ń dúró de bẹ́ńṣì lè béèrè pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ó kù yín ku ẹ̀ẹ̀mélòó?” Ìgbà tí irin bá ti wà lórí òpó ni kó béèrè, kì í ṣe ìgbà tó wà lókè àyà. Wọ́n tún lè jọ máa gbà á lò, kí ọ̀kan máa gbé nígbà tí èkejì ń sinmi. Kí ẹni tó ń dìde fi aṣọ ìnura nu òógùn kúrò lórí bẹ́ńṣì àti ibi tó di irin mú, torí pé òógùn ẹni tó kọjá lọ lè mú kí ọwọ́ ẹni tó kàn yọ̀.