Nígbà Tí Fóònù Bá Ní Ìsopọ̀ Yín Kò Láàbò

Bí ẹ bá fẹ́ wọ orí ìkànnì báńkì yín, tí Chrome wá kọ "Your connection is not private", ohun tó ń sọ ni pé ìwé ẹ̀rí ìkànnì náà kò tẹ́ òun lọ́rùn. Kò dá a lójú pé báńkì gan-an ló ń dá yín lóhùn.

Ẹ wo kóòdù kékeré tó wà nísàlẹ̀. Bó bá jẹ́ `NET::ERR_CERT_DATE_INVALID`, ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ orí fóònù yín. Fóònù tí bátìrì rẹ̀ kú pátápátá lè padà sí ọdún àtijọ́, ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ṣe lọ́dún yìí á wá dà bí èyí tí àkókò rẹ̀ kò tíì tó. Ẹ tún ọjọ́ náà ṣe, ìkìlọ̀ á lọ.

`NET::ERR_CERT_AUTHORITY_INVALID` ló ń bà mí lẹ́rù, pàápàá lórí Wáìfáì ọ̀fẹ́ inú òtẹ́ẹ̀lì. Ẹnìkan lè dúró láàárín, kó máa ka páswọ́ọ̀dù yín. Ẹ pa Wáìfáì náà, kí ẹ fi dátà tiyín gbìyànjú.

Ibi tí mo ti lè tẹ̀ síwájú láìfòyà ni ojú ewé ẹ̀rọ Wáìfáì inú ilé mi, `192.168.1.1`, torí ẹ̀rọ náà ló fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí ara rẹ̀. Ní ti báńkì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ padà sẹ́yìn.