Nọ́ńbà Tí A Bò Tí Kò Parẹ́

Oníṣòwò tó ń tajà lórí Wasáàpù máa ń fẹ́ kí àwọn ènìyàn rí i pé oníbàárà òun gbádùn ọjà. Á ya sikirinṣọ́ọ̀tì ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tí oníbàárà kọ, á sọ nọ́ńbà tó wà lókè di wúruwùru, á sì gbé e sórí sítétọ́ọ̀sì. Lójú tirẹ̀, nọ́ńbà ti parẹ́. Kò parẹ́ o.

Ìṣirò ni irinṣẹ́ yẹn ṣe. Ó pín ojú ibẹ̀ sí àpótí kéékèèké, ó ro gbogbo àwọ̀ tó wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan pọ̀, ó sì fi ìwọ̀n àárín wọn kùn ún. Bí a bá tún ìṣirò náà ṣe lórí nọ́ńbà kan náà, pẹ̀lú irú lẹ́tà kan náà, níbi kan náà, àwọ̀ kan náà ni yóò jáde. Irú lẹ́tà tí Wasáàpù ń lò kì í sì í ṣe àṣírí.

Ká ní +234 803 hàn kedere, tí a bo méje tó kù. Ẹni tó bá fẹ́ tú u á kọ 0 sí àyè àkọ́kọ́, á sọ ọ́ di wúruwùru, á fi wé tiwa. Bí wọn kò bá jọra, á kọ 1, títí dé 9. Èyí tó jọ ọ́ jù ni yóò mú, á wá bọ́ sí àyè kejì. Ẹni tó ń méfò lásán ní nọ́ńbà mílíọ̀nù 10 láti dán wò. Ẹni tó ń tú u ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan lè parí rẹ̀ láàárín nǹkan bí ìgbà 70. Ní 2022, Dan Petro ti ilé-iṣẹ́ Bishop Fox gbé ètò kọ̀ǹpútà kan jáde, Unredacter, tó ń tú ọ̀rọ̀ lọ́nà yìí. Òótọ́ ni pé bí àpótí bá tóbi gan-an, iṣẹ́ náà á le, ṣùgbọ́n n kò ní fi nọ́ńbà ẹlòmíràn ta tẹ́tẹ́.

Báírò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ń fa ìlà sórí ọ̀rọ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a tilẹ̀ fi dúdú rẹ̀ kùn ún léraléra, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ṣì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ ṣí àwòrán náà, kí ẹ fa ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sókè dé òpin: bí nọ́ńbà bá wà níbẹ̀, yóò yọjú.

Àpótí dúdú tó kún dẹ́nu, tí kò ní ihò kankan, ni kí ẹ fi bò ó. Ẹ jẹ́ kó gùn ju orúkọ náà lọ dáadáa, torí pé gígùn rẹ̀ lè sọ iye lẹ́tà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ya sikirinṣọ́ọ̀tì èyí tí ẹ ti bò, kí ẹ sì fi tuntun yìí ránṣẹ́. Ìdí rẹ̀ hàn ní 2023, nígbà tí Simon Aarons àti David Buchanan fi hàn pé irinṣẹ́ Markup orí fóònù Pixel kì í gé ìyókù fáìlì àtijọ́ kúrò tí a bá gé àwòrán kúrú, tí ó fi ṣeé ṣe láti gba apá kan ohun tí a gé padà. Google tún un ṣe lóṣù kẹta ọdún náà, ṣùgbọ́n àtúnṣe yẹn kò kan àwòrán tó ti jáde síta.

Kí ẹ tó tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ẹ wo fọ́tò kékeré ẹ̀gbẹ́ orúkọ, kí ẹ sì ka inú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni oníbàárà sábà máa ń kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sí.