Kọ́kọ́rọ́ Kì Í Gbé Inú Kóòdù

Ètò kọ̀ǹpútà tó ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà gbọ́dọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ àṣírí lọ́wọ́. Ti ilé-iṣẹ́ Paystack jẹ́ ọ̀wọ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `sk_live_` bó bá jẹ́ ti owó gidi, tàbí `sk_test_` bó bá jẹ́ ti ìdánrawò. Ẹnikẹ́ni tó bá mú un wá ni wọ́n á kà sí oní-ṣọ́ọ̀bù. Kò sí ẹni tó máa wo ojú rẹ̀. Ibi tó yá ẹni tó ń kọ ètò lára jù láti fi í sí ni àárín kóòdù:

```python
kokoro = "sk_live_..."
```

Ètò náà á ṣiṣẹ́ dáadáa, ohun tó sì ń tan èèyàn jẹ nìyẹn. Kóòdù kì í jókòó sójú kan. Wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ẹlẹgbẹ́ ẹni, wọ́n ń gbé e sórí GitHub, wọ́n ń dà á kọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Ibi tó bá dé, kọ́kọ́rọ́ bá a dé ibẹ̀. Lọ́dún 2016, àwọn olè wọ ibi tí àwọn oníṣẹ́ Uber ń kó kóòdù sí lórí GitHub. Ibi ìkọ̀kọ̀ ni, kò ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n bá níbẹ̀ ló ṣí ibi tí Uber ń kó dátà pamọ́ sí lọ́dọ̀ Amazon, wọ́n sì kó ìsọfúnni nípa èrò àti awakọ̀ tó tó mílíọ̀nù 57.

Fáríébù àyíká ni wọ́n fi ń ya kọ́kọ́rọ́ kúrò lára kóòdù. Nígbàkigbà tí ètò kan bá fẹ́ gbéra, kọ̀ǹpútà máa ń di ẹrù kékeré kan fún un: àwọn orúkọ, pẹ̀lú ohun tí orúkọ kọ̀ọ̀kan dúró fún. Ẹrù yìí ni àyíká ètò náà, orúkọ kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ sì ni fáríébù àyíká. Ọgbọ́n àtijọ́ ni. Ó ti wà nínú Unix láti ọdún 1979. Lórí Linux tàbí Mac, báyìí ni wọ́n ṣe ń fi nǹkan kún ẹrù náà:

```
export PAYSTACK_SECRET_KEY="sk_test_..."
```

Orúkọ nìkan ni kóòdù á wá mọ̀:

```python
import os
kokoro = os.environ["PAYSTACK_SECRET_KEY"]
```

Bí orúkọ náà kò bá sí nínú ẹrù, Python á dá iṣẹ́ dúró lójú ẹsẹ̀, á sì kọ `KeyError`. Àwọn kan fẹ́ràn `os.environ.get` torí pé kì í pariwo, ṣùgbọ́n ètò tó gbéra láìní kọ́kọ́rọ́ á kùnà níwájú oníbàárà tó fẹ́ sanwó. Ó sàn kó pariwo nílé.

Ọ̀dọ̀ ètò tó bí i ni ètò kọ̀ọ̀kan ti ń gba ẹrù rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí `export` tí wọ́n tẹ̀ lójú tẹ́mínà kan kò fi hàn lójú èkejì, tó sì ń pòórá bí wọ́n bá ti pa á dé. Nítorí èyí, wọ́n sábà máa ń kọ àwọn kọ́kọ́rọ́ sínú fáìlì kan tó ń jẹ́ `.env`, tí irinṣẹ́ bíi `python-dotenv` á máa kà sínú àyíká. Lórí sáfà, ojú-ìwé ètò ilé-iṣẹ́ tó ń gbà á sílé ni wọ́n sábà ń tẹ̀ ẹ́ sí.

Ọ̀fìn kan wà níbí. Fáìlì `.env` kò gbọ́dọ̀ bá kóòdù lọ, nítorí náà wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ sínú `.gitignore`. Ṣùgbọ́n fáìlì tí Git kò tíì mọ̀ rí nìkan ni `.gitignore` ń dí lọ́nà. Èyí tó ti mọ̀, á máa gbé e lọ títí di ìgbà tí wọ́n bá sọ pé kó gbàgbé rẹ̀:

```
git rm --cached .env
git log -S "sk_live_"
```

Àṣẹ kejì ń wá inú ìtàn iṣẹ́ náà, nítorí Git kì í gbàgbé ohun tó ti kọ sílẹ̀. Ẹni tó bá pa ìlà kọ́kọ́rọ́ rẹ́ lónìí, ìlà náà ṣì wà nínú ẹ̀dà àná. Bí àṣẹ yìí bá mú èsì wá, ohun àkọ́kọ́ ni kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ tuntun lọ́dọ̀ Paystack, kí èyí tó ti jáde má sì ṣílẹ̀kùn mọ́. Fífọ ìtàn Git mọ́ lè dúró, torí kò lè gba ẹ̀dà tó ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn padà.

Àyíká náà kì í ṣe àpótí irin. Ètò tó bá tẹ gbogbo àyíká rẹ̀ jáde sínú àkọsílẹ̀ àṣìṣe ti kó kọ́kọ́rọ́ síta fún ẹnikẹ́ni tó lè ka àkọsílẹ̀ náà, gbogbo ètò mìíràn tó bá sì bí ló ń jogún ẹrù yìí. Kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ nínú bíráúsà oníbàárà ló tún burú jù. Irinṣẹ́ tó ń di irú kóòdù bẹ́ẹ̀ papọ̀ máa ń ka fáríébù náà nígbà ìdìpọ̀, á sì lẹ ohun tó dúró fún mọ́ ojú-ìwé, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè ṣí i wò. Inú sáfà nìkan ni `sk_live_` gbọ́dọ̀ ti jẹ́ kíkà.