Kí Ẹtù Ìyá Má Di Àǹkárá Nínú Àwòrán

Fọ́tò kan wà lórí tábìlì bí mo ṣe ń kọ èyí, ti tọkọtaya kan lọ́jọ́ ìgbéyàwó ìbílẹ̀ wọn láyé àwọn ọdún 1970. Ìyàwó jókòó, ó wọ ìró àti bùbá ẹtù, ó fi ìpèlé lé èjìká, gèlè rẹ̀ sì ga fíofío. Ọkọ dúró lẹ́yìn rẹ̀ nínú agbádá sányán, ó dé fìlà abetí ajá. Àwọn ọmọ wọn fẹ́ kí ayàwòrán fọwọ́ yà á sórí pépà ńlá, kí wọ́n fi ta àwọn òbí wọn lọ́rẹ. Lórí irú iṣẹ́ báyìí, ojú èèyàn ni ọ̀pọ̀ ayàwòrán máa ń rọ́jú yà. Tó bá kan aṣọ, wọ́n á fa ìlà díẹ̀, wọ́n á kun ọ̀dà, ó parí. Ṣùgbọ́n ìyá tó ni aṣọ kò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó mọ̀ pé tòun kọ́ nìyẹn.

Àwọ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ fura sí. Fọ́tò aláwọ̀ ayé ìgbà yẹn kì í ṣá dọ́gbadọ́gba. Aró mẹ́ta ló para pọ̀ di àwọ̀ inú rẹ̀, èyí tó jọ búlúù ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ lọ, débi pé gbogbo fọ́tò á pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Nínú èyí tó wà níwájú mi, ẹtù ìyàwó, tó yẹ kó dúdú bí aró, ti fẹ́ máa jọ sányán ọkọ. Ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lára rẹ̀ ló tú àṣírí. Àwọn ọmọ bá lọ tú àpótí, wọ́n rí ìpèlé ọjọ́ náà. Bí ẹ bá ní irú rẹ̀ nílé, kódà kó jẹ́ àjákù, ẹ gbé e fún ayàwòrán. Òun ni kó fi po ọ̀dà, kó fi fọ́tò sílẹ̀ fún ojú àti ìdúró.

Lẹ́yìn náà ló kan bátànì. Aṣọ òkè kì í ṣe aṣọ fífẹ̀ kan ṣoṣo. Tóóró ni ahunṣọ ń hun ún, ó sábà máa ń fẹ̀ tó bí ínǹṣì mẹ́rin, télọ̀ á wá rán awẹ́ kan mọ́ èkejì títí yóò fi tó ìró. Nítorí náà, ojú rírán wọ̀nyẹn ni kí ayàwòrán kọ́kọ́ fà kó tó kan ìlà wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́. Fọ́tò wa jẹ́ ínǹṣì 5 sí 7, pépà rẹ̀ sì jẹ́ 15 sí 21, ìyẹn ìlọ́po mẹ́ta. Ojú ìyàwó, láti ibi irun dé àgbọ̀n, yóò gùn tó ínǹṣì méjì lé díẹ̀ lórí pépà. Ojú àgbàlagbà gan-an sì tó bí ínǹṣì méje, nítorí náà awẹ́ kan kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju ìdajì ojú lọ tàbí kó fi díẹ̀ lé e. Bí awẹ́ bá fẹ̀ tó ojú, ayàwòrán ti ṣìrò. Awẹ́ tún gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ara: kó tẹ̀ kọrọdọ lórí orúnkún, kó tín-ín-rín níbi tó ti ń yí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó sì wọlé níbi tí aṣọ ti ká. Ìlà tó bá lọ tààrà láti ìbàdí dé ilẹ̀ láìtẹ̀ ló ń sọ ẹtù di àǹkárá tí wọ́n lẹ̀ mọ́ni lára.

Gèlè ló le jù, tèmi ni pé òun ló sì dùn jù. Olóògbé J. D. 'Okhai Ojeikere, ayafọ́tò tí gbogbo ayé mọ̀ nítorí àwọn fọ́tò irun dídì rẹ̀, ya gèlè náà ní dúdú òun funfun. Ẹni tó bá wò wọ́n á rí i pé gèlè kò nílò àwọ̀ kó tó hàn: etí rẹ̀ àti ìṣẹ́po rẹ̀ ti tó. Bẹ́ẹ̀ ni kí ayàwòrán ṣe. Kó ya etí gèlè lásán, kó wọn bó ṣe ga sí ojú, kó wo bóyá ó bo etí ìyàwó tàbí kò bò ó, kó ka ìṣẹ́po ńláńlá, kó sì wá ibi tí ìdí aṣọ ti wọlé lẹ́yìn. Gèlè aṣọ òkè le, ìṣẹ́po rẹ̀ kì í pọ̀, etí rẹ̀ sì máa ń mú. Ẹni tó bá fún un ní ìṣẹ́po wínníwínní bí abẹ̀bẹ̀ ti wé gèlè òde òní fún ìyàwó àtijọ́. Àṣìṣe míì ni kí ayàwòrán mú apá ọ̀tún àti òsì dọ́gba kó lè gún régé. Gèlè ìyàwó yìí ga lápá òsì, ibẹ̀ ni ẹwà rẹ̀ wà.

Bí ayafọ́tò bá ti gé orí gèlè kúrò, kí ayàwòrán má fọkàn dá a. Ẹ wá fọ́tò mìíràn tí wọ́n yà lọ́jọ́ náà. Bí kò bá sí, kí àwòrán náà parí síbi tí fọ́tò parí sí. Kó tó kun ọ̀dà, ẹ ní kó fi èyí tó fi pẹ́ńsù yà hàn yín, kí ẹ sì gbé e fún ẹnì kan tó wà níbi ìgbéyàwó náà. Ìlà pẹ́ńsù ṣeé pa rẹ́, ọ̀dà kò ṣeé pa.