Góòlù Tí Wọ́n Kà àti Èyí Tí Wọn Ò Kà

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá ọdún 2005, Nàìjíríà fi góòlù márùn-ún sí ẹyọ kan fìyà jẹ Sìmbábúwè ní Àbújá. Àmì wa di 21 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́wàá. Lọ́jọ́ kan náà, Àǹgólà fi góòlù kan ṣoṣo borí Rùwáńdà ní Kìgálì, àmì tiwọn náà sì di 21. Góòlù 21 la ti gbá sáwọ̀n látìgbà tí ìdíje náà ti bẹ̀rẹ̀, méje péré ni wọ́n gbá wọlé wa. Àǹgólà gbá 12, wọ́n gbá mẹ́fà wọlé tiwọn. Síbẹ̀, Àǹgólà ló lọ sí Ife Àgbáyé ọdún 2006 ní Jámánì, àwa jókòó sílé.

Títí dòní, ẹ ó rí ẹni tó máa sọ pé wọ́n rẹ́ wa jẹ. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́ wa jẹ. Òfin tí wọ́n fi ń ya àwọn tí àmì wọn bá dọ́gba ti wà nílẹ̀ kí a tó gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́. Àwa la ń fi òfin mìíràn ṣírò.

Òfin tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ni ti ìyàtọ̀ góòlù. Ẹ ka gbogbo góòlù tí ikọ̀ kan gbá sáwọ̀n, ẹ yọ èyí tí wọ́n gbá wọlé rẹ̀ kúrò; iye tó ṣẹ́ kù ni ìyàtọ̀ góòlù rẹ̀. Tiwa jẹ́ 14 lọ́dún yẹn, ti Àǹgólà jẹ́ mẹ́fà. Ká ní òfin yìí ni wọ́n lò, a ti gba Jámánì lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é ní líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń wò lópin ọ̀sẹ̀, bóyá ìdí nìyẹn tó fi jókòó sí wa lọ́kàn.

Òfin kejì ni mo máa pè ní ti ojúkojú. Kò bìkítà nípa iye góòlù tí ẹ fi lu àwọn ẹlòmíì. Ohun tó ń bi yín ni pé: nígbà tí ẹ̀yin méjèèjì pàdé ara yín, ta ló borí? Àmì tí ẹ gbà nínú ìpàdé yẹn nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Tí ìyẹn bá tún dọ́gba, wọ́n á wo góòlù inú ìpàdé náà, kí wọ́n tó wo ti gbogbo ìdíje.

Òfin yìí ló dá wa lẹ́jọ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2004, Àǹgólà na wá ní 1-0 ní Lùáńdà, Akwá ló gbá a wọlé. Nígbà tí wọ́n wá sí Kánò ní oṣù Kẹfà ọdún 2005, Okocha kọ́kọ́ gbá tiwa wọlé, Figueiredo sì dá a padà, a ta ọ̀mì 1-1. Àmì mẹ́rin fún Àǹgólà, ẹyọ kan fún wa.

Ibi tó yẹ kí òǹkàwé fara balẹ̀ sí nìyí. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ní Kánò ni ọ̀rọ̀ ti parí: tí àmì bá fi lè dọ́gba, Àǹgólà ló ni ín, kò sì sí góòlù kankan lẹ́yìn ìgbà náà tó lè yí i padà. Nígbà tí Ọbáfẹ́mi Martins gbá mẹ́ta wọlé nínú 5-2 tí a fi na Àlùjẹ́ríà ní Ọ̀ránì, ìjókòó wa dùn, àmọ́ 1-0 ìbá ṣe iṣẹ́ kan náà. Márùn-ún tí a gbá wọlé Sìmbábúwè náà rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù fún wa ni kí Àǹgólà má borí ní Kìgálì. Ọ̀mì ni wọ́n ń ta níbẹ̀ títí ó fi ku nǹkan bí ìṣẹ́jú mọ́kànlá, kí Akwá tún tó gbá ọ̀kan wọlé. Akwá yìí kan náà!

Ìyàtọ̀ góòlù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, gbogbo góòlù ló níye lórí títí dé fèrè ìkẹyìn. Ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1994, Nàìjíríà, Bọ̀lùgéríà àti Ajẹntínà ní àmì mẹ́fà-mẹ́fà. A ti ń borí Gíríìsì ní 1-0 nígbà tí Amokachi gbá ìkejì wọlé ní àfikún àkókò. Góòlù yẹn sọ ìyàtọ̀ wa di mẹ́rin, ti àwọn méjì yòókù jẹ́ mẹ́ta, a sì gba ipò kìíní. Láìsí i, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta là bá wà lórí mẹ́ta, wọn ì bá sì wo iye góòlù tí kálukú gbá: mẹ́fà fún wọn, márùn-ún fún wa. Ipò kẹta nìyẹn.

Èwo ló sàn? Èmi fara mọ́ ìyàtọ̀ góòlù, nítorí pé iṣẹ́ gbogbo ìdíje ló ń wọ̀n. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí àwọn alátakò ń sọ: ẹni tí kò ní nǹkan tó ń wá mọ́ lè jókòó kí wọ́n máa rọ góòlù lé e lórí. Lọ́dún 1978, góòlù mẹ́rin ni Ajẹntínà gbọ́dọ̀ fi ju Pẹrú lọ kí wọ́n tó lè dé àṣekágbá, mẹ́fà sí òdo ni wọ́n na wọ́n, ariwo rẹ̀ ò sì tíì tán.

Ojúkojú máa ń le sí i nígbà tó bá kan ikọ̀ mẹ́ta. Ẹ bi àwọn ará Gúúsù Áfíríkà. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá ọdún 2011, wọ́n ta ọ̀mì 0-0 pẹ̀lú Sàró ní Nelspruit nínú ìdíje àtilọ sí Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n gbọ́ pé Íjíbítì ti na Níjẹ̀r ní 3-0 ní Káírò, wọ́n bú sí ijó lórí pápá. Àwọn, Níjẹ̀r àti Sàró ní àmì mẹ́sàn-án-mẹ́sàn-án, tiwọn sì ni ìyàtọ̀ góòlù tó dára jù.

Òfin sọ pé ẹ yọ Íjíbítì kúrò, ẹ ka ìpàdé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láàárín ara wọn nìkan. Níjẹ̀r na Sàró ní 3-1, ó na Gúúsù Áfíríkà ní 2-1, ó sì pàdánù méjì yòókù: àmì mẹ́fà. Gúúsù Áfíríkà na Níjẹ̀r ní 2-0, ó pàdánù ẹ̀ẹ̀kan, ó ta ọ̀mì méjì pẹ̀lú Sàró: àmì márùn-ún. Sàró náà ní márùn-ún. Góòlù mẹ́ta tí Níjẹ̀r jẹ ní Káírò kò pa á lára rárá, nítorí Íjíbítì kò sí nínú ìṣirò. Èyí tó tún yani lẹ́nu ni pé ká ní Níjẹ̀r àti Gúúsù Áfíríkà nìkan ni àmì wọn dọ́gba, Gúúsù Áfíríkà ni ì bá lọ: góòlù 3-2 ni wọ́n fi ju Níjẹ̀r lọ nínú ìpàdé wọn méjèèjì. Sàró tó wà láàárín wọn ló dà á rú.

Góòlù kan péré ni Gúúsù Áfíríkà nílò ní Nelspruit, wọn ò sì wá a kíkan nítorí wọ́n rò pé ọ̀mì ti tó. Wọ́n kọ́kọ́ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-wa-lọ́rùn, wọ́n tún gbé e kúrò. Níjẹ̀r ló lọ sí ìdíje ọdún 2012 ní Gàbọ́ọ̀nù àti Ikuetoria Gíní, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa dé ibẹ̀.