Nígbà Tí TSH Bá Ga, Tí T4 Sì Pé

Ká ní ìyá ẹni ọdún 74 kan ń ṣàárẹ̀ ṣáá, tí dókítà sì ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Èsì dé: TSH rẹ̀ jẹ́ 6.4, bẹ́ẹ̀ ilé àyẹ̀wò kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé kò yẹ kó kọjá nǹkan bí 4. T4 rẹ̀ ní tirẹ̀ kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀. Ṣé kí ìyá bẹ̀rẹ̀ oògùn?

Táírọ́ìdì, ẹṣẹ́ tó wà níwájú ọrùn, ló ń tú T4 sínú ẹ̀jẹ̀, T4 yìí ló sì ń darí bí ara ṣe ń lo agbára. Ẹṣẹ́ kékeré kan lábẹ́ ọpọlọ ló ń tú TSH jáde ní tirẹ̀, láti fi rán táírọ́ìdì níṣẹ́. Bí T4 bá fẹ́ dín kù, TSH á ga, bí ọ̀gá tó gbóhùn sókè sí ọmọ iṣẹ́ tó ń falẹ̀. Nínú èsì ìyá yìí, ọ̀gá ti gbóhùn sókè, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ṣì ń jáde pé.

Ohun tó kàn ni pé kí wọ́n tún àyẹ̀wò náà ṣe lẹ́yìn oṣù méjì sí mẹ́ta. TSH máa ń ga ní òru ju ọ̀sán lọ, ó sì lè ga fún ìgbà díẹ̀ bí ara bá ń bọ̀ sípò lẹ́yìn àìsàn. Èsì ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń padà sí bó ṣe yẹ láìlo oògùn kankan.

Bó bá ṣì ga, wọ́n á wò ó bóyá ara ìyá ń ṣe èròjà tó ń gbógun ti táírọ́ìdì rẹ̀. Ní Whickham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tọ́pa àwọn ará àdúgbò fún 20 ọdún. Nínú 100 obìnrin tí TSH wọn ga tí wọ́n sì ní èròjà yìí, bíi mẹ́rin ni táírọ́ìdì wọn ń dẹnu iṣẹ́ kọlẹ̀ lọ́dọọdún.

Oògùn ńkọ́? Ní 2017, àwọn olùwádìí ní ilẹ̀ Yúróòpù gbé àbájáde ìwádìí kan jáde. Àwọn 737 tó ti lé ní 65 ọdún ló kópa, èsì tiwọn sì dà bíi ti ìyá yìí. Wọ́n fún àwọn kan ní lẹfotáírọ́síìnì, wọ́n fún àwọn yòókù ní oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Lẹ́yìn ọdún kan, TSH àwọn tó lo ojúlówó oògùn wálẹ̀ dáadáa, àmọ́ àárẹ̀ wọn kò dín kù ju ti àwọn yòókù lọ. Bí oògùn náà bá sì pọ̀ jù, ó lè mú kí ọkàn máa lù ségesège, kó sì sọ egungun di ẹlẹgẹ́.

Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ bí TSH bá kọjá 10, tàbí bí obìnrin bá lóyún tàbí tó ń wá oyún: àwọn wọ̀nyí yẹ kó tètè bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa oògùn.

Ká wá ní TSH ìyá wa jẹ́ 5.8 nígbà kejì, tí wọn ò sì rí èròjà yẹn. Kò ní nílò oògùn táírọ́ìdì. Wọ́n á tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ọdún kan, dókítà á sì wá ohun tó ń fa àárẹ̀ síbòmíràn: bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, tàbí ṣúgà rẹ̀ ga, tàbí kì í rí oorun sùn.