Àpótí òfìfo kì í ṣe òdo

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí wọ́n jókòó ti ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà. Ìwé kan náà ni wọ́n ní lọ́wọ́: iye kílò gàrí tí ìyá kan tà ní ọjọ́ ọjà márùn-ún. Ọjọ́ kìíní, 40. Ọjọ́ kejì, 50. Ní ọjọ́ kẹta, a kò kọ nǹkan kan. Ọjọ́ kẹrin, 60. Ọjọ́ karùn-ún, 30. Wọ́n fẹ́ mọ iye tí yóò kan ọjọ́ kọ̀ọ̀kan bí a bá pín in dọ́gba, kí ìyá náà lè mọ iye tí yóò rù lọ sí ọjà tí ń bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n rí 45. Àbúrò rí 36.

Àbúrò bèèrè pé: “Ẹ̀gbọ́n, báwo ni ẹ ṣe ṣírò tiyín?”

“Mo pín in dọ́gba ni.”

Ìdáhùn yìí kò tó, nítorí ohun kan náà ni àwọn méjèèjì tẹ̀ sínú Excel:

```
=MOYENNE(B2:B6)
```

Àṣẹ yìí ní kí ẹ̀rọ pín iye tó wà láti àpótí B2 títí dé B6 dọ́gba. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n fi B4, àpótí ọjọ́ kẹta, sílẹ̀ lófìfo. Àbúrò kọ 0 sí i. Ẹ̀rọ kì í ka àpótí òfìfo, ṣùgbọ́n ó máa ń ka òdo. Nítorí náà, ó pín 180 sí ọ̀nà 4 fún ẹ̀gbọ́n, ó sì pín in sí ọ̀nà 5 fún àbúrò.

Èwo ló tọ̀nà? Ẹnu ìyá náà ni a ó ti gbọ́ ọ. Bí ó bá dé ọjà tí kò rí gàrí tà, òdo ni kí a kọ. Bí kò bá lọ sí ọjà rárá, kí a fi àpótí náà sílẹ̀ lófìfo. Ìyá náà dáhùn pé òun kò lọ.

Ẹ̀gbọ́n wá tún àlàyé rẹ̀ kọ báyìí: “Mo kọ iye kílò ọjọ́ márùn-ún sí B2 títí dé B6, nọ́ńbà nìkan. Mo fi B4 sílẹ̀ lófìfo, nítorí ìyá kò lọ sí ọjà lọ́jọ́ náà. Mo tẹ =MOYENNE(B2:B6) sí B7. Mo rí 45.” Lẹ́yìn náà, ó fi àyẹ̀wò méjì kún un:

```
=NB(B2:B6)
=SOMME(B2:B6)
```

NB ń sọ iye àpótí tí nọ́ńbà wà nínú rẹ̀: 4. SOMME ń ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: 180. Bí ẹnìkan bá tẹ “50 kg” dípò 50, ọ̀rọ̀ ni ẹ̀rọ yóò kà á sí, yóò sì fò ó. NB yóò di 3. Bí ó bá ṣèèṣì tẹ 500, NB kò ní yí padà, ṣùgbọ́n SOMME yóò di 630.

Àbúrò pa òdo rẹ́ ní B4. Ó rí 4, ó rí 180, ó sì rí 45.